Ire ọmọ jáde: ṣé kí n sọ fún un pé ó ti lóyún?

Ìṣọ̀lá: Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Mò ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ dá Ifá. Obìnrin kan wá, nǹkan oṣù rẹ̀ ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án pẹ́. Ìbò tó dì sọ́wọ́ méjèèjì mú ire, ire ọmọ sì ni. Ó bi mí bóyá òun ti lóyún, ṣùgbọ́n olúwo mi ní n ò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí ló fà á?

Ògúnṣeyè: Ifá kì í parọ́. Ohun tó bá jáde ni kó o sọ. Bí kò bá dá ọ lójú, tún fi ìbò bèèrè.

Awo Àjàní: Ifá kì í parọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bèèrè ni irú ire tó wà níbẹ̀: àìkú, ajé, ọkọ, ọmọ tàbí ìṣẹ́gun. Ire ọmọ lè jẹ́ ti èyí tó ti bí, tàbí ti èyí tí yóò bí lọ́dún mẹ́ta sí i. Bí ẹ bá sì tún un bèèrè, ọwọ́ méjì ni ìbò wà, ọ̀kan á sáà jáde. Ọmọṣẹ́ tó ń kánjú á dà á títí tí yóò fi rí èyí tó wù ú.

Ìṣọ̀lá, wo ohun tó ń tẹ̀ lé e. O ní ó lóyún, inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á lápá kan, ẹ̀jẹ̀ ń kán, ó ń fara dà á nítorí ó rò pé oyún ló ń jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni oyún tó dúró síta ilé ọmọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè pa á. Bó o bá ní kò sí oyún, á máa lo oògùn tí aboyún kì í lò. Sọ pé: “Ifá rí ire ọmọ, ẹbọ rẹ̀ nìyí. Ra sitírípù àyẹ̀wò oyún ní kẹ́míìsì, ìtọ̀ àkọ́kọ́ òwúrọ̀ ni kó o fi ṣe é. Bí kò bá fi oyún hàn, tí nǹkan oṣù kò sì wá, tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí inú bá ń ta ọ́ tàbí òòyì ń kọ́ ọ, sáré lọ sílé ìwòsàn.”

Ìyá Bísí: Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, Ọ̀yẹ̀kú Méjì ló jáde fún bàbá mi tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ̀rọ̀ ìsìnkú!

Awo Àjàní: Ẹ fara balẹ̀, ìyá. Odù nìkan kọ́ ló ń sọ ikú. Ìbò la fi ń mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi, ire àìkú sì ń bá Ọ̀yẹ̀kú wá. Bí ibi ikú tilẹ̀ jáde, ẹbọ wà fún un. Bí awo bá dá ọjọ́ ikú, kí la tún ń rúbọ sí? Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ̀lẹ̀ kì í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má jẹ́ kí bàbá torí ẹbọ dá oògùn dúró.

Ògúnṣeyè: Ibi ikú ńkọ́? Ṣé kò yẹ ká pe àgbà ilé sẹ́yìn ká sọ fún un?

Awo Àjàní: Àwọn awo kan ń ṣe é. Èmi kò fara mọ́ ọn. Kó tó di alẹ́, wọ́n á ti fura sí ìyàwó kékeré.

Ògúnṣeyè: Bí aláìsàn náà bá jẹ́ ọmọdé, tí kò mọ ẹbọ?

Ìṣọ̀lá: Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ mọ̀.