«Ìnáwó àìtọ́» àbí «ìnáwó àìgbàyọ»?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mò ń túmọ̀ ìbéèrè ìdánwò owó orí Nàìjíríà kan. Mo pe ìnáwó tí wọ́n ń dá padà sórí èrè ní «ìnáwó àìtọ́», mo sì pe ti ọkọ̀ tó ń gbó ní «owó ìgbó». Ṣé ó bá a mu?

Oníṣirò owó tó ti fẹ̀yìn tì, Kétu: Ọmọ mi, «àìtọ́» ń sọ pé ẹnìkan ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó gbó kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ inú ìbéèrè rẹ kọ èrè 2,400,000 náírà sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti yọ 500,000 fún gbígbó ọkọ̀ àti 60,000 owó ìtanràn. Òfin ibẹ̀ kò gba méjèèjì. Ní ti gbígbó ọkọ̀, ìdí ni pé olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ló ń fúnra rẹ̀ díwọ̀n bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń gbó, òfin sì fẹ́ òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo wọn. A ó dá wọn padà, èrè á di 2,960,000. Ìgbà náà la tó wá yọ 700,000 tí òfin fọwọ́ sí lórí ọkọ̀ yẹn, tí yóò ku 2,260,000. Bí o bá rí 1,760,000, o ti yọ ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, torí pé 500,000 gẹ́lẹ́ ni ó fi dín. «Ìnáwó àìgbàyọ» ni kí o kọ.

Olùkọ́ èdè, Ṣábẹ̀ẹ́: Bàbá, ẹ forí jì mí, «àì-» yín kò dúró dáadáa. Ẹni tí àìsùn ń dà láàmú, òun gan-an ni kò sùn. Nínú «àìgbàyọ», ta ni kò gbà? Òǹkàwé lè rò pé ilé iṣẹ́ ló gbàgbé láti yọ ọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ní Bẹ̀nẹ̀ níbí a kì í dá owó gbígbó yìí, tí a ń pè ní amọ́tísímáà, padà sórí èrè rárá.

Ìyá oníṣòwò, Àjàṣẹ́: Mo pẹ́ san owó orí, wọ́n bu ìtanràn fún mi. Oníṣirò mi kọ ọ́ mọ́ ìnáwó, wọ́n dá a padà sórí èrè mi, mo tún san owó orí lórí rẹ̀. Lójú tèmi, «àìtọ́» náà ni.

Kétu: Ìyá wa, ti ìtanràn tiyín tọ̀nà, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ńkọ́? Olùkọ́, òfin Bẹ̀nẹ̀ ń gba amọ́tísímáà tí kò bá kọjá òṣùwọ̀n. Èyí tó bá kọjá, a ó dá a padà. Ní ti «ìgbó», ọmọ mi, má ṣe jẹ́ kí àmì orí «ì» bọ́, kó má baà di owó igbó tí ìyá mi máa ń san kí wọ́n tó gé igi ìdáná.

Ṣábẹ̀ẹ́: «Owó ogbó» ni àwọn bàbá wa ìbá pè é.

Kétu: Ènìyàn ló ń rí ọjọ́ ogbó. Ọkọ̀ ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. 1,760,000 ni mo ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.