Iyùn gidi àbí ike? Ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ọmọ Ìtòkú
Ẹ kú ilé o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ joyè, èmi ni wọ́n sì ní kí n bá wọn wá iyùn ọrùn àti tọwọ́. Gbogbo ẹni tí mo bá dúró níwájú àtẹ rẹ̀ ló ń sọ pé tòun nìkan ni ojúlówó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra iyùn rí ní Abẹ́òkúta níbí, kí lẹ máa ń wò kẹ́ ẹ tó yọwó?

Gbólóhùn Kan
Tó bá tutù lọ́wọ́, tó sì wúwo, gidi ni. Ó parí.

Ìyàwó Olóyè
Kò parí o. Gíláàsì náà tutù, ó sì wúwo ju iyùn mìíràn lọ. Ike nìkan nìyẹn máa fi hàn yín.

Bọ̀dá Láfẹ́nwá
Iná ni kẹ́ ẹ fi wò ó. Iyùn gidi kì í jóná, bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ ṣáná sí i níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ máa rí i bí ojú rẹ̀ ṣe máa yí.

Àǹtí Ṣàpọ́n
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ àbúrò ìyá mi. Nígbà ìdána rẹ̀, wọ́n lọ ra iyùn ní ọjà kan, mi ò ní dárúkọ. Obìnrin tó ń tà á kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè, òun fúnra rẹ̀ ló mú ọsàn wẹ́wẹ́, ó gé e, ó kán omi rẹ̀ sórí ìlẹ̀kẹ̀ kan, ó sì ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gbogbo wa pariwo "gidi ni!", wọ́n sì sanwó. Ọjọ́ ìdána, oòrùn mú, òógùn bo ìyàwó. Nígbà tí wọ́n máa bọ́ ọ sílẹ̀, ọrùn léèsì rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú. Ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ẹ̀gbá Paraku
Yéè! Ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá ìyàwó mi náà, àmọ́ tirẹ̀ gèlè ló bàjẹ́.

Ọmọ Ìtòkú
Àǹtí, ṣé ó hó lóòótọ́? Èmi ti ra ọsàn wẹ́wẹ́ sínú báàgì o 😂

Màmá Asínlẹ̀kẹ̀
Àǹtí Ṣàpọ́n, ẹni tó ta á kò purọ́ fún yín pátápátá. Iyùn ni, àmọ́ iyùn ọparun ni. Egungun rẹ̀ funfun tàbí kó rí bíi eérú, wọ́n wá rẹ ẹ́ sínú àwọ̀ pupa. Ohun kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín ló wà nínú òun àti iyùn pupa tòótọ́, ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi ń hó bí ọsàn tàbí fínígà bá kàn wọ́n. Ọsàn lè yọ ike àti gíláàsì kúrò, kò lè yọ èyí tí wọ́n pa láró.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò ìlẹ̀kẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Pupa tòótọ́ máa ń wọ inú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè mọ́ díẹ̀. Èyí tí wọ́n rẹ, inú rẹ̀ máa ń funfun, tàbí kí àwọ̀ dì dúdú sí ẹnu ihò àti sínú àwọn ibi tó sán. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi òwú kan ásítóònù tí wọ́n fi ń nu èékánná, màá fi pa ìlẹ̀kẹ̀ kan tó máa wà lẹ́yìn ọrùn. Bí òwú bá pọ́n, ẹ máa bá tiyín lọ. Bí kò bá pọ́n, ẹ má tíì jó, torí wọ́n máa ń fi ìda tàbí rẹ́sìn bo òmíràn kí àwọ̀ má baà tètè jáde. Ẹ tún ẹnu ihò pa.

Bọ̀dá Láfẹ́nwá, ẹ dákun ẹ má fi iná kàn án. Iná máa ń ba àwọ̀ iyùn gidi jẹ́, ó sì lè sán. Ta ló máa san owó rẹ̀?

Bọ̀dá Láfẹ́nwá
Màmá, mo gbọ́. Àmọ́ abẹ́rẹ́ tí mo ti bọná ńkọ́? Mo fi gún ọ̀kan nínú ihò rẹ̀, ó rùn bí ike tó jóná, ó sì wọlé ṣúṣúṣú.

Màmá Asínlẹ̀kẹ̀
Ìyẹn dáa fún ike, nínú ihò nìkan. Ọsàn náà, ẹ̀kán kan ni, kẹ́ ẹ sì nù ún kíá, torí ó máa ń jẹ dídán ara rẹ̀.

Adéwọlé Ìjẹ̀bú
Ẹ̀yin Ẹ̀gbá, ẹ wá wòran ní Ojúde Ọba, ẹ wo iyùn.

Ẹ̀gbá Paraku
Ìdajì iyùn tó wà ní Ojúde Ọba, rírẹ́ǹtì ni. Ẹ jókòó.

Adéwọlé Ìjẹ̀bú
Ẹni tó rẹ́ǹtì ojúlówó sàn ju ẹni tó ra ike lọ 😌

Ọmọ Kútọ̀
Ẹ jọ̀ọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ńkọ́? Ṣé òun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iyùn?

Gbólóhùn Kan
Rárá.

Tíṣà Òmìdá
Èmi ní ìlẹ̀kẹ̀ ámbà ìyá àgbà mi, ó tóbi, ó pọ́n bí epo. Mo kà á níbì kan pé ámbà máa ń léfòó nínú omi iyọ̀. Mo po iyọ̀ sómi títí iyọ̀ kò fi yọ́ mọ́, mo jù ú sí i, ó rì gbìì. Ayédèrú ni wọ́n tà fún ìyá àgbà.

Màmá Asínlẹ̀kẹ̀
Tíṣà, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Èyí tó rì lè jẹ́ rẹ́sìn àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù, wọ́n ti ń kó o wọ Áfíríkà tipẹ́, àwọn kan ń wá a rà. Ámbà kọ́ ni lóòótọ́. Èyí tó sì léfòó pàápàá lè jẹ́ oje igi bíi ti ámbà, àmọ́ tí kò tíì pẹ́ nínú ilẹ̀, ásítóònù máa jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Irú ike kan náà máa ń léfòó.

Tíṣà Òmìdá
Kí ló kù tí kì í léfòó báyìí? Mi ò gbà o. Ìyá àgbà sọ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn Gàm̀bàrí ló ti rà á.

Ìyàwó Olóyè
Ẹni tó tà á kò sọ ohun tó jẹ́, Tíṣà.

Ọmọ Ìtòkú
Màmá, bí wọn ò bá jẹ́ kí n kán ọsàn tàbí pa ásítóònù ńkọ́? Ẹni kan ti lé mi kúrò níwájú àtẹ rẹ̀.

Màmá Asínlẹ̀kẹ̀
Ẹ mú òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò dání. Ẹ wọn ìlẹ̀kẹ̀ náà, ká ní ó jẹ́ gíráàmù 54. Ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, ẹ wá fi òwú so ìlẹ̀kẹ̀ náà rọ̀ sínú omi, kó má kan ìsàlẹ̀ ife. Nọ́ńbà tó bá yọ ni kẹ́ ẹ fi pín 54. Bó bá jẹ́ 20, ẹ máa rí 2.7, ti iyùn nìyẹn. Bó bá jẹ́ 45, 1.2 ni, ike ni. Gíláàsì lè sún mọ́ ti iyùn, iyùn tí wọ́n pa láró náà wà níbẹ̀, torí náà ẹ ṣì máa wo ihò.

Ẹ tún wo ara rẹ̀. Ìlà tín-ín-rín máa ń wà lára iyùn, ojú ihò kéékèèké sì lè wà níbẹ̀. Èyí tó pọ́n bákan náà, tó tóbi bákan náà, tí kò ní àbàwọ́n kankan, tó tún pọ́ọ́kú, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Bọ̀dá Láfẹ́nwá
Mo ti yá òṣùwọ̀n àbúrò mi. Tèmi wúwo tó 46, omi gbé 21. Mo rí nǹkan bíi 2.2. Kí ni mo rà?

Màmá Asínlẹ̀kẹ̀
Ṣé ẹ mì ín dáadáa nínú omi kí afẹ́fẹ́ inú ihò jáde? Ìyẹn lè fa nọ́ńbà yẹn sẹ́yìn.

Bọ̀dá Láfẹ́nwá
Mo mì ín báyìí. Omi gbé 20. 2.3.

Màmá Asínlẹ̀kẹ̀
Ó lè jẹ́ lúúlú iyùn tí wọ́n fi rẹ́sìn pò, tàbí kí ike díẹ̀ wà láàárín àwọn gidi. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kéékèèké lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀.

Bọ̀dá Láfẹ́nwá
Ta ló máa sín in padà?

Màmá Asínlẹ̀kẹ̀
Èmi ni. Kì í ṣe ọ̀fẹ́.