Awọ inú géèmù tó di ike lẹ́yìn tí a fẹ̀ ẹ́: ẹ sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Olósùnta (Ìkéré)
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Géèmù PSP àtijọ́ kan ni mo ń tún ṣe lórí PPSSPP. Mo ti kó àwọn awọ inú rẹ̀ jáde, ìyẹn àwọn àwòrán tí wọ́n fi ń bo ara nǹkan nínú géèmù, wọ́n wà nínú fódà `new`. Awọ àpáta kan wà níbẹ̀, písẹ́lì 128 sí 128 péré. Mo fi módẹ́lì `realesrgan-x4plus` fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin. Etí ibi tí àpáta ti sán mọ́ bí ẹni fi abẹ gé e, ṣùgbọ́n ojú àpáta fúnra rẹ̀ ń dán bí bọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ̀gbẹ́ àpáta ni wọ́n bí mi sí, mo mọ̀ pé àpáta kì í dán báyẹn. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí?

Akin Ìkọ̀lé
Pọ́n ọn lẹ́yìn tó o bá fẹ̀ ẹ́ tán. Wóró ojú àpáta á padà.

Ọmọ Olósùnta
Mo pọ́n ọn, ẹ̀gbọ́n. Ìlà funfun ló yọ yí gbogbo etí ká, àárín ṣì ń dán.

Tísà Adó
Akin, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Pípọ́n ń mú ohun tó ti wà níbẹ̀ hàn sí i ni, kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Wóró yẹn ti lọ kó tó dé ọwọ́ ẹ.

Àbúrò Ìkéré, gbọ́ bó ṣe rí. Àwòrán tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ ni wọ́n fi kọ́ módẹ́lì yẹn: wọ́n sọ ọ́ di bàìbàì, wọ́n da wóró sí i, wọ́n tún fi JPEG fún un pọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n wá kọ́ ọ ni kó gbá gbogbo ìyẹn kúrò. Tó bá rí wóró ojú àpáta, ìdọ̀tí ló máa pè é, ó sì máa gbá a bí ẹni ń gbálẹ̀. Ohun tó mú etí mọ́ náà ló mú àárín dán.

Gbìyànjú `realesr-general-x4v3`, torí òun gbà kó o yan bó ṣe máa gbálẹ̀ tó. Tí `-dn` bá jẹ́ 1, á gbá a kanlẹ̀; tó bá jẹ́ 0, á fi púpọ̀ sílẹ̀. Fún àpáta àti pákó, 0.2 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fẹ àwòrán àkọ́kọ́ lásán, kó o pò wọ́n pọ̀:

```
python inference_realesrgan.py -n realesr-general-x4v3 -i apata.png -dn 0.2
magick apata.png -filter Catrom -resize 400% lasan.png
magick lasan.png results/apata_out.png -define compose:args=65 -compose blend -composite tan.png
```

65 yẹn ni ìpín ti módẹ́lì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù jẹ́ ti àwòrán àkọ́kọ́, òun ló ń dín dídán yẹn kù.

Ìyá Ìbejì Ọ̀yẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò mọ géèmù o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí bá mi wí. Àwòrán bàbá mi kan ṣoṣo tó kù, kékeré ni, ọmọ kan bá mi fẹ̀ ẹ́ fún òkú wọn. Ara wọn jọ ike lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ojú yẹn kì í ṣe ojú bàbá mi. Ilà ojú wọn ò sí mọ́.

Fẹ́mi Ìjerò
Ilà kẹ̀? Ó gbá ilà kúrò lójú bàbá?

Adùnní
Mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Bó ṣe ṣe ojú màmá àgbà wa náà nìyẹn. Ó yọ gbogbo ìhunjọ, ó sọ wọ́n di ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kọ̀, wọ́n ní àwọn ò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Tísà Adó
Mà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun kan náà ni. Bí ilà bá fẹ́ẹ́rẹ́ tó písẹ́lì kan tàbí méjì, módẹ́lì ò mọ̀ pé ilà ni. Ẹ wá àwòrán àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù, torí ìyẹn ti fún un pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì péré, kí wọ́n má sì lo èyí tó ń tún ojú ṣe.

Fẹ́mi Ìjerò
Tèmi sikirínṣọ́ọ̀tì ni. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí pátákó ṣọ́ọ̀bù géèmù mi, gbogbo módẹ́lì tí mo lò ló ń sọ koríko di ṣíṣu àmàlà.

Akin Ìkọ̀lé
Má fẹ̀ ẹ́ rárá. Ojú PSP jẹ́ 480 sí 272. Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan ìwọ̀n àwòrán nínú PPSSPP, gbé e sí ìlọ́po mẹ́rin *kó o tó* ya á. Á di 1920 sí 1088, etí gbogbo nǹkan á mọ́ láìsí módẹ́lì kankan.

Tísà Adó
Òótọ́ ni Akin sọ níbí. Àmọ́ etí ilé àti ti ènìyàn nìkan nìyẹn máa tún ṣe. Koríko tí wọ́n yà sínú awọ á ṣì rí bàìbàì, àfi tó o bá pààrọ̀ awọ náà.

Ọmọ Olósùnta
Mo ti dé. Pẹ̀lú 0.2 àti 65, dídán lọ! Ṣùgbọ́n àmì tó-tò-tó kan wá yọ káàkiri, bí ojú asẹ́.

Tísà Adó
Ka iye àwọ̀ tó wà nínú àwòrán àkọ́kọ́:

```
magick identify -format "%k" apata.png
```

Ọmọ Olósùnta
16.

Tísà Adó
Mo fura sí i. Àwọ̀ 16 ni wọ́n fún ayàwòrán, ló bá to àmì àwọ̀ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ojú lè rí ẹ̀kẹta. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kì í ṣe wóró àpáta. Módẹ́lì ò mọ ìyàtọ̀, ìwọ ló máa yàn: gbé `-dn` dé 0.5 kí asẹ́ lọ, kó o wá fi wóró tuntun sí i lẹ́yìn.

Ohun mìíràn: awọ yẹn á máa tò léra lórí ilẹ̀. To mẹ́sàn-án rẹ̀ pọ̀, mẹ́ta sí mẹ́ta, kó di 384, fẹ̀ ẹ́ dé 1536, kó o gé 512 àárín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ìránpọ̀ á hàn bí ti táìlì.

Ọmọ Olósùnta
Wóró tuntun ńkọ́? Mo lọ ya àpáta ẹ̀yìnkùlé wa pẹ̀lú fóònù, ní ìrọ̀lẹ́ tí òrùn ò mú. Mo yọ àwọ̀ rẹ̀, mo fi wóró nìkan sílẹ̀, mo tẹ́ ẹ lé e díẹ̀díẹ̀. Àpáta gidi ló dà!

Adùnní
Àpáta Ìkéré nìyẹn, kì í ṣe ti géèmù mọ́. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ojú tí wọ́n fún bàbá Ìyá Ìbejì?

Fẹ́mi Ìjerò
Adùnní, àpáta ò ní ọmọ tó máa sunkún.

Adùnní
Ó ní ẹni tó yà á. Ẹni yẹn fi àwọ̀ 16 péré ṣe é.

Akin Ìkọ̀lé
Módẹ́lì náà ń fi kún un, Adùnní. Ó kéré tán, èyí wá láti ara àpáta.

Tísà Adó
Èmi ò lè dá a. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń dá èyí tí mo parí padà sí 128, mo sì máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́. Bí ibì kan bá yàtọ̀ gan-an, mo mọ̀ pé a ti sọ ohun tí ayàwòrán ò sọ. Má sì fi ojú wo ó nígbà tó o bá sún un mọ́ra. Gbé e sínú géèmù, kó o rìn kọjá níwájú rẹ̀.

Ọmọ Olósùnta
Mo gbé méjèèjì síbẹ̀, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Àbúrò mi yan èyí tó ní wóró ẹ̀yìnkùlé. Màmá mi ní èkejì ló wu àwọn.

Ìyá Ìbejì Ọ̀yẹ́
Tísà, mo ti rí àwòrán àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìfàkì. Ilà wà níbẹ̀. Ta ló lè bá mi fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì?