Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun kì í jẹ́ kí oníbàárà sọ̀rọ̀ tán: báwo ni kí n ṣe pín ìṣẹ́jú 60?

Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú 60 ni mo ní láti kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun 6 bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ẹjọ́ rẹ̀ sọ kí wọ́n tó dábàá ojútùú. Mo ṣàlàyé, wọ́n gbàgbé. Mo ṣe bí oníbàárà tó ń bínú, wọ́n ṣe dáadáa, torí wọ́n ti mọ ohun tí mo máa sọ. Lọ́jọ́ kejì, oníbàárà kan ní wọ́n yọ owó òun lẹ́ẹ̀mejì. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí òṣìṣẹ́ fi ṣèlérí pé owó á wọlé lọ́jọ́ náà, àṣẹ ìyẹn ò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kí n pín in sí ìṣẹ́jú 20 fún ọjọ́ 3, pẹ̀lú ẹjọ́ tuntun lójoojúmọ́, àbí kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan?