Ọfà máòsì ń fò, ó tún ń fà: ọ̀ràn ìsọ̀ àdìrẹ kan n'Ítòkú

Àǹtí Àdìrẹ, Dọ́bùlìnì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá. Máòsì aláìníwáyà tí mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin l'Ábẹ́òkúta ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìsọ̀ àdìrẹ ló ní n'Ítòkú, orí láàpútọ́ọ̀pù ló ti ń tún fọ́tò àwọn aṣọ ṣe kó tó fi wọ́n han oníbàárà. Nígbà míì ọfà á kàn fò lọ sí igun kejì. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ọwọ́ á ti lọ tán kí ọfà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ó ti pààrọ̀ bátìrì, kò yí padà. Ṣé kó gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kí n ra òmíràn? Ẹnì kan ń lọ sílé lóṣù tó ń bọ̀, mo lè fi rán an.

Ọmọ Lísàbí, Hústọ̀n
Ojú USB aláwọ̀ búlúù ló fà á. Kó yọ dóńgùlù, ike kékeré tó ń gba ọ̀rọ̀ máòsì, kúrò nínú búlúù, kó kì í bọ dúdú, ó parí. Kó sì yẹ bátìrì tó rà wò dáadáa, torí èyí tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú lójú títì kì í pẹ́ kú.

Bọ̀dá Ìbàrà, Mánṣẹ́sítà
Àǹtí, ẹ má tíì rà nǹkan kan. Àìsàn méjì lẹ kà sílẹ̀, oògùn wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ọfà bá fò lọ síbi tí ọwọ́ ò darí ẹ̀ sí, tàbí tó ń gbọ̀n nígbà tí ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́, abẹ́ máòsì àti ohun tí máòsì ń rìn lé lórí la máa kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ti lọ, ọfà dúró gbagidi, ó wá sáré lé ọwọ́ bá, a jẹ́ pé ohun tí máòsì ń fi ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ dóńgùlù déédéé.

Ẹ bá mi bi àbúrò: kí ni máòsì wà lórí ẹ̀? Kí ló tún wà nínú àwọn ojú USB yòókù? Ṣé gbogbo ìgbà ló ń fà, àbí ìgbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó?

Ìyá Ìbejì, Tòróńtò
Ti èmi náà ń fò bẹ́ẹ̀ o, mi ò sì lo máòsì rárá. Bí mo bá wà nílé l'Ábẹ́òkúta, tí mo ki ṣájà bọ iná, ọfà á máa gbọ̀n lábẹ́ ìka mi. Tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, ó tún burú sí i. Ṣé kí n tẹ́ bébà sábẹ́ láàpútọ́ọ̀pù ni?

Bọ̀dá Ìbàrà, Mánṣẹ́sítà
Rárá, ìyá wa, tiyín yàtọ̀ sí tìsọ̀ Ìtòkú. Pádì tí ẹ ń fi ìka fà kì í fi kámẹ́rà ríran. Iná kékeré tó ń yí padà nígbà tí ìka kàn án ló fi ń mọ ibi tí ìka wà. Bí ṣájà kò bá rí wáyà ilẹ̀, iná tí kò mọ́ á gba ara láàpútọ́ọ̀pù kọjá, pádì á sì rò pé ìka yín ló ń rìn. Ẹ yọ ṣájà kí ẹ lo bátìrì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró, ọ̀dọ̀ iná ló ti ń wá. Púlọ́ọ̀gì ṣájà Kánádà sábà máa ń ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n àdápítà ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ẹ fi ń bọ́ ọ sí ojú iná ilé wa gé wáyà ilẹ̀ dànù. Ẹ wá èyí tó ní ẹsẹ̀ ilẹ̀, kí oníná sì wò ó bóyá wáyà ilẹ̀ wà nínú ògiri yẹn lóòótọ́.

Àǹtí Àdìrẹ, Dọ́bùlìnì
Mo ti pè é. Tábìlì onígíláàsì ni, ó sì tẹ́ àdìrẹ sábẹ́ gíláàsì náà fún ẹwà. Ojú USB mẹ́ta ló wà: méjì lápá òsì, inú wọn búlúù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, inú rẹ̀ dúdú. Dóńgùlù àti háàdì díráìfù tí fọ́tò wà nínú ẹ̀ ló wà lápá òsì, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Ó ní ìgbà tó bá ń kó fọ́tò jáde nínú háàdì díráìfù ló ń fà jù.

Bọ̀dá Ìbàrà, Mánṣẹ́sítà
Ó ti yé mi. Ẹ jẹ́ ká fi gíláàsì bẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà kékeré kan wà nínú ihò abẹ́ máòsì. Ó ń ya ojú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ léraléra, ó ń fi fọ́tò tuntun wé ti ìṣáájú, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ pé ọwọ́ lọ sí òsì tàbí ọ̀tún. Gíláàsì tó mọ́ kò ní ohun kankan lójú tó lè rí. Àdìrẹ tó wà nísàlẹ̀ sì jìnnà sí i ju bó ṣe yẹ lọ, ńṣe ni gbogbo ẹ̀ ń ṣe bàìbàì lójú rẹ̀. Kó mú bébà A4 funfun kan, kó fi sẹ́lótéèpù lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ orí gíláàsì, kó máa fi máòsì rìn lórí rẹ̀.

Kó tó gbé máòsì sórí bébà, kó dojú ẹ̀ délẹ̀, kó pa á níbi bọ́tìnì ẹ̀, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò yẹn. Ìsọ̀ aṣọ ni, fọ́nrán òwú tín-ín-rín kan ṣoṣo tó bá há síbẹ̀ ti tó láti mú ọfà máa gbọ̀n. Òwú tí a fi ń ro etí ni kó fi yọ ọ́, kó gbẹ, kó má fi omi kàn án.

Bó bá ti ṣe ìyẹn tán, kó dán háàdì díráìfù wò. Kó dúró kí kíkó fọ́tò parí, kó yọ háàdì díráìfù jáde bó ṣe yẹ, kó fa wáyà ẹ̀ kúrò pátápátá, kó wá máa fi máòsì rìn yíká. Kó tún ki háàdì díráìfù bọ̀ ọ́, kó kó fọ́tò, kó tún wò ó. Ẹ wá sọ èsì fún mi.

Ọmọ Lísàbí, Hústọ̀n
Bọ̀dá, ohun tí mo sọ náà kọ́ lẹ ń sọ yìí? Búlúù!

Bọ̀dá Ìbàrà, Mánṣẹ́sítà
Ẹ sún mọ́ ọn, àmọ́ kì í ṣe àwọ̀ ló ń dààmú ẹni. Bí dóńgùlù nìkan bá wà nínú ojú búlúù, kì í sábà ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan ni ọ̀tá. Ojú búlúù sábà máa ń jẹ́ ti USB 3.0. Bí háàdì díráìfù USB 3.0 bá ń kó nǹkan, ó ń tú ariwo rédíò dà sínú afẹ́fẹ́, ariwo náà sì bọ́ sí àárín 2.4GHz gan-an, ojú ọ̀nà rédíò tí máòsì ń sọ̀rọ̀ gbà, tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ Intel ti gbé ìwé jáde lórí ọ̀ràn yìí lọ́dún 2012. Ariwo náà ń ti ẹnu USB, láti ara wáyà, àti láti inú háàdì díráìfù fúnra rẹ̀ jáde. Ohùn máòsì kò le, agbára bátìrì kékeré ló fi ń sọ̀rọ̀, dóńgùlù sì wá dà bí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ọlọ. Ìdí nìyẹn tí kíkì í bọ dúdú fi lè ràn án lọ́wọ́ bí dúdú náà bá jìnnà. Bí dúdú bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ háàdì díráìfù kan náà, kò sí ìyàtọ̀.

Ọmọ Aṣerò, Bẹ̀lìnì
Ẹ jẹ́ kí n fi ti bátìrì kún un, torí Ọmọ Lísàbí kò parọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ní mítà, bátìrì AA alukaláìnì tuntun máa ń fi bíi 1.5V hàn. Bó bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1.2V, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gba iná sí, 1.2V ni tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ wo ojú irin àti sípíríǹgì inú ilé bátìrì. Bí ìdọ̀tí funfun bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, bátìrì àtijọ́ ti sun síbẹ̀, tuntun ò sì ní fọwọ́ kan irin dáadáa. Ẹ fi fínígà díẹ̀ sórí òwú etí, kí ẹ fi nù ún, kó gbẹ pátápátá.

Mo tún rò ó pé kó pa ìfowópamọ́ iná Windows. Kó tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí Start, kó mú Device Manager, kó ṣí Universal Serial Bus controllers, kó mú USB Root Hub, Properties, Power Management, kó yọ àmì kúrò lójú ibi tó kọ

```
Allow the computer to turn off this device to save power
```

Bọ̀dá Ìbàrà, Mánṣẹ́sítà
Ìyẹn dára fún máòsì tó máa ń sùn: tí a bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnì ẹ̀ ló ń jí. Ti àbúrò wa ń fà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ìfowópamọ́ iná kọ́ ló ń ṣe é.

Àǹtí Àdìrẹ, Dọ́bùlìnì
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun! Orí bébà, fífò ti tán. Ó rí òwú aláró kan nínú ihò náà, ó sì yọ ọ́. Nígbà tó yọ háàdì díráìfù, fífà náà lọ; bó ṣe dá a padà tó ń kó fọ́tò, ó tún dé. Ó gbé dóńgùlù lọ sí ojú dúdú lápá ọ̀tún. Ó sàn díẹ̀, àmọ́ kò tíì tán. Ó ní wáyà háàdì díráìfù gba ẹ̀yìn láàpútọ́ọ̀pù wá sí ọ̀tún.

Bọ̀dá Ìbàrà, Mánṣẹ́sítà
Wáyà yẹn ló kó ariwo wá bá dóńgùlù níbẹ̀. Kó dá wáyà náà padà sí òsì, kó sì gbé háàdì díráìfù jìnnà síbẹ̀ bí wáyà bá ṣe gùn tó. Lẹ́yìn náà kó ra wáyà ẹ̀kístẹ́ńṣọ̀n USB, èyí tí ẹnu rẹ̀ kan ń wọ láàpútọ́ọ̀pù, tí dóńgùlù á sì wọ ẹnu kejì. USB 2.0 ti tó, dóńgùlù ò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì mítà sí mítà kan ni kó gùn tó. Kó gbé dóńgùlù sórí tábìlì, ní nǹkan bí ogún sẹ̀ntímítà sí máòsì. Kó má ra họ́ọ̀bù USB 3.0 dípò rẹ̀ o. Tí dóńgùlù àti háàdì díráìfù bá tún jọ wà nínú họ́ọ̀bù kan, ibi tí a ti ń bọ̀ la padà sí.

Àǹtí Àdìrẹ, Dọ́bùlìnì
Ó ti rí wáyà náà rà. Ó ń kó fọ́tò lọ́wọ́lọ́wọ́, ọfà ń rìn geere. Ohun kan ló kù: tó bá tan họ́tísípọ́ọ̀tì fóònù ẹ̀ láti gbé fọ́tò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tún ń fà díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ láàpútọ́ọ̀pù gan-an ni fóònù máa ń wà.

Bọ̀dá Ìbàrà, Mánṣẹ́sítà
Ó ṣeé ṣe kí họ́tísípọ́ọ̀tì náà wà lórí 2.4GHz. Kó wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣètò rẹ̀ lórí fóònù, kó mú 5GHz bó bá wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, kó gbé fóònù sí ìwọ̀n mítà kan sí dóńgùlù, tàbí kó pa họ́tísípọ́ọ̀tì, kó fi wáyà ṣájà so fóònù mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, kó sì tan USB tethering.

Ọmọ Aṣerò, Bẹ̀lìnì
Bọ̀dá, èmi ò dá a lójú pé afẹ́fẹ́ ni o. Bí íńtánẹ́ẹ̀tì bá ti dé, Windows lè bẹ̀rẹ̀ sí í wa àtúnṣe wálẹ̀, kí gbogbo láàpútọ́ọ̀pù wúwo. Kó fi ìka fa pádì lásìkò tí máòsì bá ń fà. Bí pádì náà bá ń fà, kọ̀ǹpútà ló rẹ̀, kì í ṣe dóńgùlù.

Bọ̀dá Ìbàrà, Mánṣẹ́sítà
Òótọ́ lẹ sọ, kó kọ́kọ́ ṣe ti pádì yẹn kó tó fọwọ́ kan fóònù.

Àǹtí Àdìrẹ, Dọ́bùlìnì
Ó ti ti ìsọ̀ lónìí. Tó bá ṣí i láàárọ̀ ọ̀la, màá ní kó dán méjèèjì wò, ti pádì ni àkọ́kọ́.