Àdàkọ ni àbí àgbọ́kọ? Ọ̀rọ̀ lórí «O rigba» tí ohùn rẹ̀ kò dé

Arẹ̀wà-Èdè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo so ohùn àbúrò bàbá mi mọ́ lẹ́tà yìí, PTT-20240310-WA0004.opus. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe ìsohùndọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibi tí à ń bá ara wa jà sí ni «O rigba ki won to de». Kí ni wọ́n sọ pé ẹni náà rí?

Olùkọ́ Àgbà: Ọmọ mi, ohùn kò dé o. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tó ṣí, nítorí lẹ́tà lásán ni, bíi ti ọ̀rọ̀ tó kù. Ohun tí mo lè rí kà nínú orúkọ yẹn ni pé ohùn fóònù ni, pé ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 2024 ni, àti nọ́ńbà tí fóònù fún un lọ́jọ́ náà. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Oníkàn rẹ kò tíì sọ̀rọ̀ létí wa.

Ọ̀rọ̀ kejì: ta ló kọ́ ẹ ní «ìsohùndọ̀rọ̀»? Ọ̀rọ̀ ti wà nínú ohùn àbúrò bàbá rẹ kí fóònù tó gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun sọ ohùn di ọ̀rọ̀ ń sọ pé igbe lásán ni àgbà náà ké. Àdàkọ ni à ń pè é, ó sì ti tó.

Jagunlabí: Ẹ̀yin náà ẹ ò jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀. Kó ṣáà tún gbólóhùn náà tẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Bó bá jẹ́ igba, igbá, ìgbà tàbí igbà okùn ọ̀pẹ, àmì ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmì ohùn la fi ń jẹ́ Yorùbá. Kí la tún ń wá ohùn fún?

Olùkọ́ Àgbà: Ìdajì òótọ́ lẹ sọ. Bí àmì bá wà, «ó rígba» á di igba tí à ń kà, «ó rígbà» á sì jáde kúrò nínú ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ gbàgbé ìgbá, ìyẹn ikàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ méjèèjì jáde lẹ́nu, ẹ má kàn fojú kà wọ́n: «ó rí igbá», «ó rí ìgbá». Ẹ wá pa fáwẹ́lì jẹ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe. Méjèèjì ló di «ó rígbá» lórí ìwé, àmì òkè lórí àmì òkè. Ṣùgbọ́n lẹ́nu, ti igbá dúró gbọnrangandan lókè, rí àti gbá wà ní ọgbọọgba. Ti ìgbá kò rí bẹ́ẹ̀. Fáwẹ́lì ti lọ, àmọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò lọ; ó fa gbá sílẹ̀ díẹ̀. Onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé ti tú èyí síta láti 1966, ó sì ń fi àmì tó-ń-tó sáàárín, «rí.gbá», kí òǹkàwé lè mọ̀ pé nǹkan kan ti wà níbẹ̀ rí. Ta ló ń kọ tó-ń-tó yẹn nínú lẹ́tà lónìí? Nítorí náà, bí ọmọ yìí bá tẹ gbogbo àmì rẹ̀ pé, a kò tíì mọ̀ bóyá igbá ni tàbí ikàn.

Bó bá sì fúnra rẹ̀ tú u palẹ̀, tó kọ «rí ìgbá» gbọọrọ, ó ti bá àgbà náà yàn. Ohun tí òun rò la máa kà, kì í ṣe ohun tí wọ́n sọ.

Ìyá Ayọ̀: Irú èyí ṣe èmi náà rí. Mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jáde láti orí WhatsApp ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá wa kọ ìtàn ìdílé. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ dé. Gbogbo ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti sọ̀rọ̀ lẹ́nu, `<Media omitted>` ló wà níbẹ̀. Mo ti pa fóònù náà rẹ́ kí n tó mọ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ pátápátá. Ọmọ mi, má pa ohunkóhun rẹ́ o.

Etí-Dídán: Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyẹn, màmá. Mo fẹ́ padà sórí «àdàkọ», nítorí òun gan-an ló ń bí mi nínú. *Dà* inú rẹ̀ ni ti ẹni tó ń da omi láti inú ike kan sínú òmíràn: ìwé sí ìwé. Ẹni tó wo iṣẹ́ ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ ló ṣe àdàkọ. Ẹni tó gbọ́ ohùn tó kọ ọ́ sílẹ̀, àgbọ́kọ ló ṣe. A ní àpèkọ: wọ́n pè é, a kọ ọ́. A ní àkàyé. Kí ló dé tí a kò lè ní àgbọ́kọ?

Jagunlabí: Nítorí pé «àgbọ́kọ́» ni ọmọdé máa gbọ́, ó sì máa rò pé ẹ̀kọ́ ni. *Dà* yẹn kì í sì í ṣe ti omi rárá, ti «ó dà bí» ni.

Olùkọ́ Àgbà: Ti «ó dà bí» kẹ̀? Rárá o, a máa sọ ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n Etí-Dídán ti rán mi létí bàbá tó kọ́ wa ní àpèkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń pe gbólóhùn kan. Ti àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gègé; ẹ gbọ́ ọ tán ná, wọ́n á ní. Bí mo ṣe ń ṣe é títí dòní nìyẹn. Mo máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìkọ, kí n mọ ibi tí ohùn ẹni náà ń dé lókè àti ibi tó ń dúró sí nísàlẹ̀, nítorí òkè ẹnìkan lè jẹ́ àárín ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa kọ, bí ó ṣe jáde lẹ́nu gan-an. Ibi tó bá le, màá sọ fáìlì náà di wav kí n tó gbé e sínú Praat, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ ohùn wò:

```
ffmpeg -i PTT-20240310-WA0004.opus ohun.wav
```

Praat máa ya ìlà ohùn síta. Ẹ má wo ibi gb fúnra rẹ̀, ìlà máa ń rì níbẹ̀ yálà igbá ni tàbí ìgbá, nítorí bí a ṣe ń pe kọ́ńsónáǹtì yẹn. Orí fáwẹ́lì á tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò. Bó bá padà dé ibi tí rí wà, igbá ni. Bó bá rọlẹ̀ díẹ̀ tí kò sì padà, mo fara mọ́ ìgbá.

Etí-Dídán: Ṣé gbogbo ìgbà lẹ máa ń rí i?

Olùkọ́ Àgbà: Rárá. Bí ẹni náà bá sáré sọ ọ́, tàbí tó jẹ́ ìparí gbólóhùn, níbi tí ohùn gbogbo ti ń rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ á dojú rú. «Kí wọ́n tó dé» tó tẹ̀ lé e yìí dára fún wa. Bí kò bá sì yanjú, mo máa kọ méjèèjì, màá fi ìṣẹ́jú tó wà nínú ohùn síwájú wọn, kí ẹlòmíràn lè fetí ara rẹ̀ gbọ́.

Arẹ̀wà-Èdè: Ẹ ṣeun, sà. Mo ti wò ó, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni fóònù tí ohùn náà wà nínú rẹ̀. Orúkọ fáìlì ni mo dà kọ láti inú ohun tó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ti ní kó má pa á rẹ́. Òun ló ń sọ pé igbá ni. Màmá wa ló ní ikàn ni.

Olùkọ́ Àgbà: Màmá yín wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́?

Arẹ̀wà-Èdè: Wọ́n wà níbẹ̀, sà.

Jagunlabí: Ó ní òun «dà kọ» orúkọ fáìlì. Ẹ ti rí i? Ìwé sí ìwé. Etí-Dídán, mo gbà fún ọ níbẹ̀ yẹn nìkan. Àgbọ́kọ ṣì ń dùn mí létí.