Ṣé kí n máa jí Kẹ́hìndé nígbà tí Táyé bá jí lóru?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá ìbejì. Adátán, l'Ábẹ́òkúta níbí, ni mò ń gbé. Àwọn ìbejì mi pé ọ̀sẹ̀ 5. Táyé ń jí mu ọmú ní wákàtí méjì-méjì, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé tó kéré jù ú lọ lè sun wákàtí mẹ́rin. Bí mo bá fún Táyé tán, tí mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, Kẹ́hìndé á jí. Báyìí ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bá mi lórí ìjókòó.

Nọ́ọ̀sì ní kí Kẹ́hìndé má kọjá wákàtí mẹ́ta láìjẹun, nítorí kò sanra tó. Mo ti ń jí i pẹ̀lú Táyé: mo tú aṣọ rẹ̀, mo pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, mo fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń mu, á tún sùn lọ.

Màmá ọkọ mi ló ń gbé Táyé sí èjìká kó lè gúnfẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí àwọn méjèèjì sùn lórí ẹní kan náà, àmọ́ ibùsùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ń tẹ́ wọn sí, ní ẹ̀yìn wọn. Ọkọ mi lè fi ife fún Kẹ́hìndé ní omi ọmú tí mo bá fún kalẹ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n máa jí i pẹ̀lú Táyé nìṣó, àbí kí n dá àkókò tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí bàbá wọn gba ọ̀kan ṣe?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.